Ògiri Bun-piau

Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Tiong-gi kì í fẹ́ rí àwọn tó ń ti ìlú ńlá wá wọn òkúta. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti já wọn sílẹ̀ ní èbúté, á wọlé, á tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wá lọ́dún yìí kò mọ̀ pé wọ́n ń lé òun. Siok-hun lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá, ó ń bó ẹ̀pà jẹ, títí ọ̀rọ̀ fi sú bàbá tó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ohun tó ń wá kò ju kó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹja ìdílé Ang, ìyẹn ìdílé bàbá, kọjá lọ síbi àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbà yìí kì í ṣe ọgbà ewébẹ̀ o. Ògiri òkúta ni, tí àwọn baba ńlá wọn mọ wọnú òkun, tó tẹ̀ bí apá ẹni tó fẹ́ gbọ́mọ. Bí òkun bá kún, ẹja á gba orí ògiri wọlé. Bí òkun bá fà, orí ògiri á yọ síta, ẹja ò ní rọ́nà lọ mọ́. Ìdílé náà a máa ṣẹ́ kèké ní àgbàlá tẹ́ńpìlì lẹ́yìn ọdún tuntun, láti mọ ẹni tí ọgbà kàn lọ́jọ́ wo. Igi pẹlẹbẹ kéékèèké ni kèké náà, orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú agolo ni wọ́n ń kó wọn sí.

Igi Bun-piau kò sí nínú agolo yẹn mọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Tiong-gi ló yọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ ni Bun-piau, ọmọ ìyá kan náà. Kò sẹ́ni tó mọ òkúta tò tó o ní gbogbo àwọn erékùṣù Penghu. Nígbà tí ìjì wó apá òde ọgbà, òun ló tún un mọ, ó sì so kókó sára okùn láti fi wọn gíga rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ó kó okùn náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ogún ọdún tó ti mọ ọ́n, apá òde yẹn kò yọ síta dáadáa mọ́. Kódà lọ́jọ́ tí òkun ń fà jù lọ, ohun tó ń yọ fi ìka mẹ́rin dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹja ń rọra wẹ̀ gba orí rẹ̀ jáde, àwọn èèyàn sì ń gbé àwọ̀n òfìfo lọ sílé.

Tiong-gi wò ó, ó ní ògiri ló rì. Kí ni ì bá tún rò? Láti kékeré ló ti mọ̀ pé òkúta a máa rì, kò gbọ́ ọ rí pé òkun ń ga. Ó pe àbúrò rẹ̀ jáde lójú gbogbo ẹbí ní àgbàlá tẹ́ńpìlì.

"Orí iyanrìn lo to òkúta lé. Ìwà ọ̀lẹ rẹ ni kò jẹ́ ká rẹ́ja pa."

Ojú ti Bun-piau débi pé kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ wò. Ẹ fi okùn yẹn wọ̀n ọ́n."

Tiong-gi kò gbẹ́ nǹkan kan. Inú ń bí i, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bun-piau mú ìyàwó rẹ̀, Bi-eng, ó bá tirẹ̀ lọ sí Kaohsiung, ìlú èbúté ńlá kan, ó ń bá wọn rẹrù níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀. Òtútù ọdún tó kọjá ló pa á. Tiong-gi kò lọ síbi ìsìnkú, ó ní òkun ń ru. Òótọ́ ni, òkun ń ru, àmọ́ ọkọ̀ ń lọ.

Ìyẹn ni Siok-hun bá nílẹ̀ láìmọ̀. Ó dé ibi àpáta, ó rí ìlà iyùn inú òkun tó ti kú tó sì di òkúta, ìkarahun lẹ̀ mọ́ ọn gbàgbà, ó ga ju ibi tí iyùn alààyè ń gbé nísinsìnyí lọ ní ìdúró èèyàn kan. Ó ṣàlàyé fún bàbá pé etí òkun àtijọ́ nìyẹn. Bí ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí yìnyín ńláńlá ayé àtijọ́ yọ́, ibẹ̀ ni òkun gùn dé, kó tó rọra padà sísàlẹ̀. Ìkarahun ò lè rìn lọ sókè, ibi tí omi bá a sí ló wà.

Bàbá béèrè bóyá ilẹ̀ abẹ́ ọgbà òun ló rì. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ olùkọ́. Ó ní kí wọ́n lọ wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí òkun fà, wọ́n fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò nídìí apá òde. Ẹ̀yìn ń ro bàbá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbẹ́ ẹ. Òkúta àkọ́kọ́ tí Bun-piau fi lélẹ̀ yọjú. Orí àpáta dúdú ló jókòó sí, kò sí iyanrìn lábẹ́ rẹ̀ rárá. Bàbá na okùn oníkókó àbúrò rẹ̀ láti ìdí dé orí. Kókó tó kẹ́yìn bọ́ sí orí ògiri gẹ́lẹ́.

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ àpáta náà. "Àpáta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òun ló rì, àbí?"

"Tó bá rì, bàbá, ìlà iyùn yẹn á tẹ̀ sísàlẹ̀ níbí. Mo ti wọ̀n ọ́n níbi méje, láti ìbẹ̀rẹ̀ erékùṣù yìí dé òpin rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ò tó ìka méjì. Gíga kan náà ló wà ní erékùṣù kejì."

"Kí ló wá yí?"

"Òkun ni. Yìnyín tó wà lórí ilẹ̀ lọ́nà jíjìn ń yọ́ wọnú rẹ̀. Omi rẹ̀ náà tún ń gbóná, omi tó bá gbóná á fẹ̀ sí i. Ẹ bu omi kún ìkòkò dé ẹnu, kẹ́ ẹ gbé e kaná, á dà sílẹ̀ kó tó hó."

Bàbá jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, olùkọ́ kò sì mọ ohun tí òun sọ tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ bàbá pe Bi-eng, ìyàwó Bun-piau, lórí fóònù. Ó sọ pé òun ti gbẹ́ ìdí ògiri, pé kò rì, pé òun ṣẹ̀. Bi-eng dá a lóhùn.

"Ó mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti gbẹ́ ẹ kó tó kúrò nílé."

"Kí ló dé tí kò fi sọ?"

"Ó ní ẹ̀yin ni òun fẹ́ kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ. Gbogbo ọdún tuntun ló ń retí ìpè yín."

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣẹ́ kèké, Tiong-gi kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sára igi tuntun, ó jù ú sínú agolo. Ó wí fún gbogbo ẹbí pé òun purọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí òkun ń fà jù lọ ló bọ́ sí Bun-piau lọ́wọ́.

Tiong-gi lọ dúró fún un. Ó gbé àwọ̀n dání, ó so okùn mọ́dìí. Omi fà, ó fà, ó fẹ́lẹ́ lórí apá òde, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ògiri náà dúró digbí lábẹ́ rẹ̀, ẹja sì ń gba orí rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò ju àwọ̀n. Ó tú okùn náà, ó ń fi ìka ka kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì pé.