Ìlà Kẹta

Ọdún mẹ́rin ni Nyarkoa fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní igun ṣọ́ọ̀bù mi ní Kumasi, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Èmi Pokuaa yìí náà ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń díye lé aṣọ.

"Kọ ohun tí o rà," mo máa ń sọ fún un. "Kọ wákàtí rẹ. Kọ owó ṣọ́ọ̀bù àti iná, kí o tó fi èrè lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí o ò bá sanwó fún, má kọ ọ́ o. Olè nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Maame Afriyie gbé aṣọ dúdú wá, kábà mẹ́wàá fún ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀. Inú mi dùn, torí onílé ń béèrè owó ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì tó ń bọ̀, iṣẹ́ yìí ló sì máa jẹ́ kó pé.

Mo kọ iye kábà kan sórí ìwé fún un. Aṣọ inú, síìpù, òwú àti bọ́tìnnì, sídì 110. Wákàtí mẹ́wàá, ogún sídì fún wákàtí kan, 200. Ìlà kẹta ni ṣọ́ọ̀bù, iná àti àtúnṣe ẹ̀rọ, sídì méje àbọ̀ fún wákàtí kan, 75. Àpapọ̀ 385. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni èrè mi, 77. Gbogbo rẹ̀ wá di 462.

"Háà, Pokuaa! Ṣé o fẹ́ sin èmi náà ni?" Ó ní òun á fi ìwé náà han àwọn ẹbí.

Lọ́jọ́ kejì ó mú ìwé náà padà wá, kò lè wò mí lójú. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì pupa fagi lé ìlà kẹta yẹn, wọ́n tún èrè ṣírò, wọ́n kọ 372 sísàlẹ̀. Nyarkoa nìkan ló ń lo ṣọ́ọ̀kì pupa láàárín wa.

Mo yíjú sí i. "Nyarkoa, níbo lo ti fẹ́ rán an?"

"Níbí náà ni, Àǹtí mi."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Pẹ̀lú iná mi?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ohun tí mi ò bá sanwó fún, kí n má kọ ọ́." Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Ó dáa. Gbé ẹ̀rọ rẹ, kí o máa lọ."

Ó gbé e lóòótọ́. Afriyie bá a gbé aṣọ.

Nígbà tí onílé dé lọ́jọ́ Ẹtì, owó mi ò pé. Ó ní kí n má bínú, obìnrin aránṣọ kan ti san owó ọdún méjì sílẹ̀, obìnrin náà ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù mi dáadáa.

Mi ò béèrè orúkọ obìnrin náà. Kí ló dé tí owó ò ní pé lọ́wọ́ rẹ̀? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bá a san ìlà kẹta.