Àyè Tó Wà Lábẹ́ Téèpù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Abọ́sẹ̀dé, ẹ sọ fún un pé kò mọ ìwọ̀n. Ó máa ń fa téèpù mọ́ àyà oníbàárà títí á fi lẹ̀ mọ́ ara, á wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún 1988 ni, kò sì tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ tó gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, Màdáámù Mùsítúrà, ní Ajangbadi, tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Okokomaiko. Ṣùgbọ́n gbogbo oṣù mẹ́jọ náà ni aṣọ tó ń rán fi ń há mọ́ àwọn èèyàn lára.

Oníbàárà á ráhùn, Abọ́sẹ̀dé á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ti sanra díẹ̀ ni, Mà." Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn tó pọ̀ débi pé, bó bá jẹ́ òótọ́ ni, gbogbo Okokomaiko ni ì bá ti di àgbá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò ṣiṣẹ́ fún ni Beatrice, tíṣà kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà ní báráàkì Ọ̀jọ́, tó tún jẹ́ olórí akọrin ní ìjọ wọn. Àdìrẹ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ló gbé wá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù náà nìyẹn. Ó fẹ́ kí wọ́n fi rán gáùn tó máa wọ̀ lọ́jọ́ Sunday ìkórè, níbi tó ti máa dúró níwájú akọrin.

Ní àárọ̀ Tuesday, ó wá wọ̀ ọ́ wò. Ó dúró, gáùn náà sì bá a mu bí ẹni pé wọ́n yà á mọ́ ọn lára. Inú Abọ́sẹ̀dé dùn. Àfi ìgbà tí obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń darí orin. Ẹ̀yìn aṣọ fà, òwú já ní abẹ́ apá. Ó rọra jókòó, ìdí náà tún há gádígádí.

Abọ́sẹ̀dé sáré mú téèpù. Ara Beatrice, íńṣì méjìdínlógójì. Gáùn, íńṣì méjìdínlógójì. Kò sí bó ṣe fẹ́ sọ pé ẹnikẹ́ni sanra.

"Aṣọ ìyá mi rèé o, Abọ́sẹ̀dé," ni Beatrice sọ. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo, nítorí ojú ti Abọ́sẹ̀dé débi pé kò lè gbé orí sókè. Bí aṣọ yìí bá bàjẹ́, kò sí ọjà tí wọ́n ti lè ra òmíràn.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó di gáùn náà sínú láílọ́ọ̀nù, ó sì gba Ajangbadi lọ. Ọ̀nà náà nira fún un, nítorí lọ́jọ́ tó gba fúrídọ̀mù, ẹnu rẹ̀ ló fi sọ pé òun ò tún ní padà wá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màdáámù Mùsítúrà yí inú gáùn síta, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìrán. "O fi íńṣì kan sílẹ̀ létí aṣọ níbi gbogbo. O ṣe é dáadáa. Báwo lo ṣe gé e?"

"Mo pín méjìdínlógójì sí mẹ́rin, ó jẹ́ mẹ́sàn-án àbọ̀. Mo wá fi íńṣì kan aláwànsì sí i, èyí tí mo máa fi rán."

"Bí mo ṣe kọ́ ẹ náà nìyẹn."

Wọ́n gbé téèpù Abọ́sẹ̀dé àti ti Màdáámù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bóyá ọ̀kan ti nà. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Ni ìbínú bá ru bo Abọ́sẹ̀dé lójú, ẹkún sì wà nínú ìbínú náà.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan bá wà tí ẹ fi pa mọ́ fún mi, ẹ sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sìn yín."

"Èmi? Kí n fi iṣẹ́ pa mọ́?" Màdáámù dìde fùú, ó já téèpù gbà, ó sì yí i mọ́ ọmọbìnrin náà láyà. "Mẹ́tàdínlógójì! Kọ ọ́ sílẹ̀!"

Abọ́sẹ̀dé mọ̀ pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òun. Ó wolẹ̀. Fún odindi ọdún mẹ́rin, ìdí tábìlì ló máa ń wà, tí yóò tẹrí ba sórí ìwé, tí Màdáámù á máa wọn èèyàn, tí á máa pe iye. Kò wo ọwọ́ náà rí. Ó wò ó wàyí.

"Màdáámù, ẹ dúró. Ẹ má yọ ọwọ́ yín."

Ìka mẹ́rin ló wà lábẹ́ téèpù. Obìnrin náà ti fi wọ́n ti téèpù síwájú títí tó fi dẹ̀.

Màdáámù náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àlejò. "Bí ọ̀gá tèmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é."

Ó wá tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Fún gáùn tó bá ara mu, íńṣì mẹ́ta lé ní àyà. Fún ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, ìka kan, íńṣì kan péré, kó má baà yọ̀. Fún ìdí, íńṣì méjì, nítorí ìdí máa ń fẹ̀ bí èèyàn bá jókòó. Fún bùbá, ó rẹ́rìn-ín: íńṣì mẹ́jọ, mẹ́wàá pàápàá, torí orí ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tó kan aṣọ tó ń fà bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìka rẹ̀ jáde.

"Ìwọ̀n ara ni ìwọ̀n ẹni tó dúró bí òpó," ni Màdáámù sọ. "Ta ló ń wọ aṣọ dúró bí òpó? Ara ń mí, ó ń jẹun, ó ń bẹ̀rẹ̀. Aláwànsì tí mo kọ́ ẹ, ti ojú ìrán ni. Ti ara, ọwọ́ mi ló ń fi sí i kí iye tó dé inú ìwé rẹ."

Wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ gáùn náà láti abẹ́ apá dé ìsàlẹ̀. Nínú íńṣì kan tó wà létí aṣọ, wọ́n fi ìdámẹ́rin íńṣì sílẹ̀ fún ìrán tuntun, wọ́n tú ìyókù. Ẹ̀gbẹ́ méjì, etí mẹ́rin: íńṣì mẹ́ta wọlé. Wọ́n tú apá aṣọ náà bákan náà kó lè bá ojú ihò rẹ̀ mu, wọ́n sì fi aṣọ kékeré onígun mẹ́rin há abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ lè gòkè.

Lọ́jọ́ Thursday, Beatrice wọ̀ ọ́. Ó jókòó, ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì darí orin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Aṣọ tẹ̀ lé e. Ó fi ọwọ́ pa àdìrẹ náà lára, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Abọ́sẹ̀dé sáré lọ sọ fún Màdáámù. Ó bá a lórí àga, orúkọ gbogbo àwọn tó ti fún ní fúrídọ̀mù wà níwájú rẹ̀ nínú ìwé.

"Méje ni yín," ni Màdáámù sọ. "Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, Florence ni mo rí. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ló ń há. Ó ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ ń ta búrẹ́dì ní Iyana-Iba. Mo sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà kò lórí iṣẹ́."

Ó dìde, ó gbé téèpù kọ́rùn. Wọ́n jọ lọ.

Florence kúnlẹ̀ nídìí búrẹ́dì nígbà tó rí ọ̀gá rẹ̀. Màdáámù fà á dìde, ó yí téèpù mọ́ ọn láyà lójú gbogbo àwọn tó ń kọjá, ó sì ní, "Má wo iye. Wo ọwọ́ mi."

Florence wo ìka mẹ́rin náà títí. Ó wo ojú Màdáámù, ó tún wo ìka.

"Ọdún mẹ́ta, Màdáámù," ló sọ. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbà pé òpè ni mí."