Ìkéde Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Lọ́dún tí Adéjọkẹ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò sí ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í tún ṣe. Awóyẹmí, bàbá rẹ̀, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ní Ìkòrò nígbà náà. Bàbá gbé ìkéde kan fún un pé kó bá òun wò ó:

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú oko, ẹ kú òjò, ìpàdé wa àárọ̀ Sátidé kò ní lè rí bẹ́ẹ̀ mọ́, iṣẹ́ pọ̀ lóko, ó di ìrọ̀lẹ́, ẹ má bínú sí mi.”

“Bàbá, aago mélòó gan-an?”

“Mẹ́rin.”

Adéjọkẹ́ kọ òmíràn: “Ìpàdé Sátidé yìí ti kúrò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.” Ó parí. Bàbá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìpàdé.

Nígbà tó di Sátidé, kí aago mẹ́rin tó lù, ọmọ ẹgbẹ́ ti kún iwájú ilé Awóyẹmí, àwọn mìíràn gbé iṣu dání.

“Ìkéde yé wa yékéyéké,” Ìyá Kẹ́hìndé, ọ̀kan nínú wọn, wí fún Bàbá, “ṣùgbọ́n ẹ ò kí wa níbẹ̀. A ní bóyá ara yín ò yá.”

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣèpàdé.

Bàbá ti papòdà báyìí. Adéjọkẹ́ ló ń kọ ìkéde ẹgbẹ́. Yóò kọ aago síwájú, kedere. Lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́ pàápàá, yóò kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Ẹ kú òjò, ẹ má bínú sí mi.”