Sìlífátù Kò Búra

Ariwo ìyálé rẹ̀ ló jí Sìlífátù. Bùsírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lu ilẹ̀kùn bí ẹni pé ilé ń jó, ó ń pè é ní apanirun. Sìlífátù fẹ́ dáhùn, ẹnu rẹ̀ korò bí ẹni tó lá irin. Ó gbé ọwọ́ sókè kó fi nu ojú, ló bá rí i pé aró ti kun ọwọ́ òun dé ìgúnpá. Awọ ọwọ́ náà ti wú, ó ń ta á bí ata.

Kí ló mú aró dé ọwọ́ òun? Ohun tó rántí kẹ́yìn ni pé òun gbé oògùn oorun mì.

Opó ni àwọn méjèèjì, ọkọ kan náà ló kú fún wọn. Nínú agbo ilé wọn ní Ìjẹmọ̀, ìyá ọkọ wọn ló fi ilé aró sílẹ̀ fún wọn, ohun tó sì ń bọ́ wọn nìyẹn. Bùsírátù a máa ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ: ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kí aró má baà mú ibi tí ẹ̀kọ wà. Sìlífátù ní tirẹ̀ a máa di oníko, aṣọ tí wọ́n ń fi okùn so kí wọ́n tó rì í sínú aró. Oníko, o lè rún un nínú aró bó ṣe wù ọ́. Ẹlẹ́kọ, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rì í. Bí o bá rún un, ẹ̀kọ á ṣí kúrò, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ọmọdé ilé yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ẹlẹ́kọ tí Bùsírátù yà ló wà nínú dírọ́ọ̀mù aró ní àárọ̀ yẹn. Wọ́n ti rún un. Aṣọ náà dúdú láti etí dé etí, kò sí àwòrán kan tó kù.

"Kò sí aláró tó máa ṣèèṣì ṣe irú èyí!" Bùsírátù pariwo. "O mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ìlara ló ń pa ẹ́. Ojú mi yìí ni mo fi rí ẹ lóru. Mo bi ẹ́ pé kí lò ń ṣe, o ní 'Mo ń bọ̀.'"

"Irọ́ lẹ pa! Mo sùn!"

"O sùn? Ṣé ọwọ́ àlejò ló wà léjìká ẹ ni?"

"Ẹ gbé Kùránì wá! Ẹ gbé e wá báyìí, kí n búra!"

Àlájì Jùbrílù, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn tó jẹ́ olórí ilé, jáde pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́. "A kì í fi ìbínú búra," ló wí. "Ó di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Sìlífátù, bí o bá búra pé ọwọ́ rẹ kọ́, ọ̀rọ̀ parí. Bí o kò bá búra, kó ẹrù rẹ kúrò nílé aró, kí o padà sílé bàbá rẹ ní Láfẹ́nwá."

Ọwọ́ náà lé ròrò kó tó di ọ̀sán. Sìlífátù gba ọsibítù ìjọba lọ. Dókítà obìnrin kan, Fọlákẹ́mi lórúkọ rẹ̀, ló ń wẹ ọwọ́ náà.

"Ṣé ẹ̀yin aláró kì í wọ ìbọ̀wọ́ ni, Mà?"

"A máa ń wọ̀ ọ́. Kọ́sítíìkì tó ń jó awọ ara wà nínú aró. Ta ló máa ki ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin náà rèé."

Inú bí Sìlífátù. Ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀: pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú ni oorun ti kọ òun, pé Láwàlì àbúrò òun, tó ń ná ọjà Kútọnù, ló ra oògùn wá fún òun. Ó tú páálí náà jáde nínú ìdí ìró. Zopiclone ni wọ́n kọ sára rẹ̀, oògùn oorun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà. Ìwé inú rẹ̀, èdè Faransé ni látòkè délẹ̀.

"Nígbà tí ẹ gbé e mì, ṣé ẹ lọ dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dùbúlẹ̀? Aṣọ wà nínú aró tí mo gbọ́dọ̀ yí. Mo jókòó ti dírọ́ọ̀mù."

"Ṣé ẹ mutí?"

"Mùsùlùmí ni mí! Ọtí kì í kan ètè mi!"

"Àgbo ńkọ́?"

"Mo mu àgbo ẹ̀yìn ríro. Ìyẹn kì í ṣe ọtí."

"Kí lẹ fi rẹ ẹ́?"

Sìlífátù sọ ọ́ fún un. Ògógóró ni. Láti ayé ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ egbò sínú ògógóró nílé yẹn, kò sì sẹ́ni tó pè é lọ́tí rí. Oògùn ni wọ́n ń pè é.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi gírámà ṣàlàyé. Sìlífátù dá a dúró. "Ẹ má kó gírámà fún mi. Ṣé mo ṣe é ni, àbí mi ò ṣe é?"

"Ẹ ṣe é, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀. Oògùn yìí ń tẹ ọpọlọ balẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí kì í mú gbogbo rẹ̀ sùn pọ̀. Apá tó ń gbé ẹsẹ̀, tó mọ iṣẹ́ tó ti mọ́ ọwọ́ lára, á dìde. Apá tó ń ronú, tó ń sọ pé èyí tọ́, èyí kò tọ́, á ṣì máa sùn. Apá tó ń kó nǹkan pamọ́ fún ìrántí náà ń sùn. Ènìyàn á lajú, á dáhùn, á dáná. A ti gbọ́ irú rẹ̀ nípa àwọn oògùn oorun tó ṣáájú èyí. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní rántí. Ọtí ń dá kún un, àìdùbúlẹ̀ náà ń dá kún un. Ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹni tí kò mutí rárá."

"Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé páálí?"

"Wọ́n kọ pé kí ènìyàn dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má mutí, pé ó lè mú un gbàgbé nǹkan. Ti ìrìn ojú oorun, wọn ò tíì kọ ọ́. Oògùn tuntun ni. Ohun tó bá ṣe àwọn ènìyàn tí wọ́n bá sọ ni wọ́n ń kọ. Màá kọ tiyín ránṣẹ́. Ẹ̀yin, ẹ má fẹnu kan án mọ́ láéláé."

"Àwa la máa kọ́kọ́ jóná, kí wọ́n tó rí nǹkan kọ!"

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí ìkìlọ̀ náà tó hàn gbangba lára páálí irú oògùn bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn kan ti jábọ́ látorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí àwọn kan ti fi ojú oorun wa ọkọ̀, tí àwọn mìíràn ti kú.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Àlájì Jùbrílù tú Kùránì sílẹ̀ nínú aṣọ funfun. Láwàlì wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ búra, ẹ jàre," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ sùn, ẹ ò rántí. Kí ló tún kù?"

"Pa ẹnu ẹ dé! Ìwọ tó kó èdè tí o ò lè kà fún mi pé kí n gbé mì!" Sìlífátù yíjú sí Àlájì. "Mi ò ní búra, Bàbá. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́."

Bùsírátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ ọ!"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán!" Sìlífátù sọ ohun tí dókítà sọ fún un, títí kan ti àgbo, ojú sì tì í níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyálé rẹ̀. "Nígbà tí ẹ rí mi lóru, ṣé ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi?"

Bùsírátù wo Àlájì. "Kò sí."

"Ojú mi ńkọ́?"

"Ó là. Ṣùgbọ́n kò wò mí. Ó dà bí ẹni pé ara ògiri lo ń wò."

"Kí ni mò ń ṣe sí aṣọ náà?"

"Ò ń rún un. Bí ẹni ń rún oníko."

"Ẹ sì padà sí yàrá yín."

"Ẹ̀rù bà mí! Mo rò pé nǹkan ti gbé ẹ wọ̀!"

"Kò sí ilé tí ẹ lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú agbo ilé yìí? Ọwọ́ mi ń jó nínú kọ́sítíìkì, aṣọ yín ń bàjẹ́ níṣojú yín, ẹ sì dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé bó bá bàjẹ́ tán, wọ́n á lé mi, ilé aró á ku ẹ̀yin nìkan. Èmi ń sùn, ìyálé mi. Ẹ̀yin ò sùn."



Àlájì Jùbrílù ní kí Sìlífátù tú báńdéèjì. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. "Ìyá wa dáró títí ó fi kú," ló wí. "Aláró tí ojú rẹ̀ là kì í ki ọwọ́ lásán bọ kọ́sítíìkì, ìlara yòówù kó máa pa á." Ó di Kùránì padà sínú aṣọ rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni kò ní kó ẹrù kúrò. Sìlífátù, wàá bá ìyálé rẹ ṣe aṣọ mìíràn."

"Màá ṣe é bí ọwọ́ mi bá jiná." Ó ń di báńdéèjì padà, eyín ló fi ń fa ìkángun rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kí ó má retí kí n kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ ọ̀la. Mi ò ní kí i."

Kò sí ẹni tó ní kó kí i.