Etí Sudhanya

Ní Shyamdighi, àwọn èèyàn kì í wo ojú irin kí wọ́n tó mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ojú Sudhanya Karmakar ni wọ́n máa ń wò. Òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú búkà onípáànù kan lórí pèpéle, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìpín díẹ̀ ló ń rí gbà lórí ohun tó bá tà. Ibùdó kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń kéde ọkọ̀, fóònù alágbèéká kò sì tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nígbà náà. Etí Sudhanya ni wọ́n ní.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi etí yẹn dá ọkọ̀ mọ̀. Lókà, ọkọ̀ tó ń dúró láti ibùdó dé ibùdó títí wọ Kolkata, kò ní orí ọkọ̀ tó ń fà á. Abẹ́ àwọn kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ wà, ohùn rẹ̀ a sì máa tín-ín-rín bí ìgbà tí oyin bá ń kùn, fèrè rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ìlú-sí-ìlú ní tirẹ̀, orí ńlá ló ń fà á, ilẹ̀ á ti máa mì kó tó yọ, fèrè rẹ̀ á sì bú bí akọ màlúù. Kì í dúró ní Shyamdighi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé Shyamdighi wà láyé.

Lọ́dún yẹn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kajori, ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Kolkata. Ó wá dúró níwájú fèrèsé búkà bíi oníbàárà.

"Bàbá, èwo ni kí n máa wọ̀? Mo rí ìlú-sí-ìlú kan ní Bardhaman lọ́jọ́sí. Àga rẹ̀ rọ̀, nọ́ńbà sì wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀."

"Àga náà dára. Owó rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì ti lókà, ká má tíì sọ ti àga onínọ́ńbà tí o rí yẹn. Ó sì yá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ẹ dá a dúró níbí? Ṣé o fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì padà sí Bardhaman, kí o lè jókòó nínú ọkọ̀ tó máa gba iwájú ilé bàbá rẹ kọjá?"

Kajori rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ oníṣẹ́ wá ńkọ́?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni òun àti lókà. Ó ń fo ibùdó mọ́kànlá, ó yá ju lókà lọ. Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ló ń wá, aago mẹ́jọ á sì ti kọjá kó tó débí. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kí o wọlé. Nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kan ilẹ̀ títí wàá fi dé."

"Ọkọ̀ pasínjà tó ń ti Asansol bọ̀ ńkọ́?"

"Ó ní ilé ìgbẹ́. Ìwà rere kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Owó rẹ̀ kò wọ́n, àga rẹ̀ jẹ́ pákó, gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kánjú ni wọ́n máa ń ní kó yà fún. Lókà aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni tìrẹ, ọmọ mi. Gba káàdì oṣù rẹ. Wàá rí i pé ó dínwó gan-an ju kí o máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Má gbé e wọ ìlú-sí-ìlú o, wọ́n á bu owó ìtanràn lé ẹ lórí."

Ó gba káàdì náà, ó ti yí ẹ̀yìn padà kó tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó padà wá sí fèrèsé.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín."

"Mò ń ronú ni."

Irọ́ ni. Ibà kan ló ṣe é nígbà òjò, nígbà tó sì lọ tán, ó mú gbogbo ohùn tín-ín-rín lọ. Ó gbé ohùn ẹyẹ lọ, ó gbé ohùn ọmọ rẹ̀ lọ tó bá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì gbé lókà lọ tòun ti fèrè rẹ̀. Ohun tó wúwo nìkan ló kù fún un. Láti ìgbà náà, aago ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń dá ọkọ̀ mọ̀. Tó bá ti di àkókò, tí ilẹ̀ sì ń mì díẹ̀, á nawọ́ sókè, á ní, "Lókà ni!" Kò tíì ṣì í rí. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnì kan. Kí ni Sudhanya fẹ́ jẹ́ láìsí etí rẹ̀? Ọkùnrin arúgbó kan nínú páànù.

Ó yẹ kó sọ, nítorí àṣà kan tí wọ́n ń dá níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí pèpéle pẹ̀lú èrò yòókù kì í rí àga. Nítorí náà, àwọn tó gbọ́n máa ń fò sílẹ̀ sí ojú irin, wọ́n á sọdá sí àárín ojú irin méjèèjì, kí wọ́n lè gba ilẹ̀kùn òdìkejì wọlé. Ìwà wèrè ni, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dì mú: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí Sudhanya tó pe lókà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní, kùrukùru bo Shyamdighi débi pé èèyàn ò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Sudhanya pẹ́ dé. Lójoojúmọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ìlú-sí-ìlú máa ń kọjá, á sì ti wà ní búkà nígbà náà. Lọ́jọ́ yẹn kò sí níbẹ̀. Ó rò ó láti bi ẹnì kan bóyá ó ti kọjá tàbí kùrukùru dá a dúró, ó sì gbé ìbéèrè náà mì. Ẹni tí gbogbo ayé ń bi léèrè, báwo ló ṣe fẹ́ máa bi ayé?

Nibaran Ghosh, oníwàrà, ló kọ́kọ́ kí i. Apẹ̀rẹ̀ wàrà dídì méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lábẹ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè pe ọkọ̀ yìí o. Wàrà mi ti ń tutù jù mí lọ."

"Ṣé èmi ni mo bí ọkọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ ọ́ lórúkọ láràárọ̀?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nibaran yíjú sí Kajori. "Àbúrò, tẹ̀ lé mi lónìí. Màá fi ẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí aṣọ funfun rẹ má baà di aṣọ ìnulẹ̀ kó tó dé Kolkata."

Kajori wo bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì sọ̀kalẹ̀ sójú irin rí. Sudhanya fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó wo aago. Méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Gbogbo ojú ń wò ó.

Ó nawọ́ sókè. "Lókà ni!"

Wọ́n fò sílẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n, kùrukùru sì gbé wọn mì títí dé èjìká. Nibaran gba Kajori lọ́wọ́ mú, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé orí irin. Sudhanya gbé ife tíì rẹ̀ sókè láti mu, ó sì rí i pé tíì náà ń gbọ̀n. Lókà kì í mú tíì gbọ̀n báyẹn.

Nígbà náà ló gbọ́ fèrè.

Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó wúwo, ó sì mọ́ létí rẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé òun gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí kò gbọ́ fèrè lókà. Tó bá jẹ́ lókà ló ń bọ̀ ni, kò yẹ kó gbọ́ nǹkan kan.

"Ìlú-sí-ìlú ni!" Ó ń pariwo bó ṣe ń sáré bọ́ láti inú búkà. "Kì í ṣe lókà! Ẹ gòkè! Kajori!"

Àwọn tó wà lórí pèpéle rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Wọ́n ti gbọ́ fèrè náà, wọ́n sì ti gbà pé ojú irin kejì, tó ń jáde láti Kolkata, ló wà. Ṣebí Sudhanya ti pe lókà sórí tibí. Àwọn tó ti sọdá wó lulẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀. Kajori ṣì wà láàárín irin. Nibaran gbá a mú níbàdí, ó sọ ọ́ sókè bí ẹni ń sọ àpò, Sudhanya sì mú apá rẹ̀ méjèèjì, ó fà á, àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́yìn papọ̀ lórí pèpéle. Iná ọkọ̀ náà fọ́n ká inú kùrukùru. Kọ́ọ̀ṣì ń kọjá, kọ́ọ̀ṣì ń kọjá, kò tán bọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó sórí àga onínọ́ńbà nínú rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó kọjá tán, wàrà ti funfun ká gbogbo òkúta. Wọ́n fi aṣọ bo Nibaran.

Ìlú sọ̀rọ̀ bí ìlú ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ojúkòkòrò wàrà ló pa á, pé ó padà lọ gbé apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí Sudhanya ti pariwo. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ etí Sudhanya, òkú ì bá tó mẹ́sàn-án. Obìnrin kan tilẹ̀ gbé oúnjẹ dídùn tí wọ́n ń pè ní mìíṣítì wá fún un nílé. Kajori kàn ń wo bàbá rẹ̀ nígbà oúnjẹ, kò sì jẹ́ pè é láti ẹ̀yìn mọ́. Iwájú rẹ̀ ló máa ń wá dúró sí.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe gbogbo ètùtù òkú, kùrukùru tún bo ilẹ̀. Labanya, ìyàwó Nibaran, dé orí pèpéle pẹ̀lú aṣọ funfun opó lára àti apẹ̀rẹ̀ wàrà tuntun méjì. Ó dúró síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí, létí pèpéle gan-an. Àwọn yòókù dúró yí i ká. Èèyàn kì í pẹ́ gbàgbé ìbẹ̀rù tí àga bá wà níwájú.

"Bàbá Kajori," ẹnì kan pè, "èwo ló ń bọ̀ yìí?"

Sudhanya jáde sí wọn.

"N ò mọ̀," ló wí. "Etí mi ti di láti ìgbà òjò. N ò gbọ́ lókà mọ́. Lọ́jọ́ tí Nibaran kú, aago ni mo wò."

Ẹnì kan rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Kajori wá dúró ti bàbá rẹ̀. "Nibaran ò padà lọ gbé wàrà," ló wí. "Èmi ló ń gbé sókè."

Labanya gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ ní ẹ ò gbọ́ mọ́. Kí lẹ wá gbọ́ lọ́jọ́ yẹn tẹ́ ẹ fi pariwo?"

"Èyí tó pa á," ni Sudhanya dáhùn. "Òun nìkan ni etí mi ń gbọ́."

Labanya kò bú u, kò sì sunkún. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ méjèèjì, ó sún sẹ́yìn kúrò létí pèpéle títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan búkà, àwọn tó kù sì sún tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Sudhanya rí i tí gbogbo wọn yí orí padà lẹ́ẹ̀kan náà síhà ìwọ̀ oòrùn. Òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé lókà ló ń bọ̀.