Ọṣẹ Ìjọba

Bó bá jẹ́ pé orúkọ ń ro ọmọ lóòótọ́, Rewájú ni ì bá sáré lọ́jọ́ náà, Mákánjú ni ì bá sì jókòó. Ṣùgbọ́n Mákánjú atukọ̀ ló wakọ̀ nírọ̀lẹ́ láti Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Rewájú, olùtọ́jú ẹran tí ìjọba fi sí etíkun Àgbádárìgì.

“Ọ̀gá, màlúù Ìyá Suwebat ń rọbí láti ọ̀sán. Omi ti já. Ẹsẹ̀ méjì yọ, ó sì dúró síbẹ̀.”

Opó ni Ìyá Suwebat. Màlúù kúkúrú kan ṣoṣo tó máa ń so mọ́ ìdí àgbọn yìí ló kù nínú agbo ọkọ rẹ̀, oyún inú rẹ̀ ló sì gbójú lé.

Ìbéèrè kan wà tí Rewájú kì í gbàgbé: ìsàlẹ̀ pátákò ńkọ́, ṣé ilẹ̀ ló kọjú sí ni, àbí òkè? Bó bá kọjú sílẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni, orí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá kọjú sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yẹn, kò béèrè. Ó mọ̀ pé bí ìdáhùn bá burú, òun gbọ́dọ̀ dìde.

Ọṣẹ ni kò jẹ́ kó fẹ́ dìde. Lábẹ́ ìjọba sójà, ọṣẹ ti di ohun tí à ń tò fún, tí wọ́n ń fi kòbókò tún ìlà ṣe. Èyí tí ìjọba fún Rewájú kó máa fi gbẹ̀bí ẹran, Láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ti fi fọ ìtẹ́dìí ọmọ tán, Rewájú fúnra rẹ̀ ló sì kó o fún un. Ojú ń tì í láti na ọwọ́ gbígbẹ, tí kò ní ọṣẹ tí yóò mú un yọ̀, níwájú àwọn tó ń pè é ní dókítà.

“Orí ń bọ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni,” ló wí. “Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù. Ìwọ náà, má kánjú.”

Ó fi orúkọ atukọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Mákánjú kò bá a rẹ́rìn-ín, ó yíjú, ó lọ.

Rewájú ti oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dùbúlẹ̀, oorun kọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú dáadáa, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ sétí ọ̀sà. Mákánjú wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

“Mo ní n ò ní padà láìsí yín, ọ̀gá.”

Màlúù náà ti dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Rewájú gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Òkè ni ìsàlẹ̀ pátákò kọjú sí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

“Ẹ bá mi wá omi gbígbóná àti àdí àgbọn tó mọ́.”

Àdí! Ilé wo ni kò ti sí àdí ní Gberefu? Ó fi omi náà fọ ọwọ́ rẹ̀ dé èjìká, ó da àdí sí i, ó sì rọra nà án wọlé. Inú ti gbẹ. Oríkèé méjì tó bá lára ẹsẹ̀ náà kò ká sí ibì kan náà bíi ti ẹsẹ̀ iwájú. Ó tún nawọ́ síwájú, ó kan ìrù. Ó fún àárín pátákò pọ̀, ẹsẹ̀ náà fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọmọ náà wà láàyè.

Kò gbìyànjú láti yí i padà. Ó da àdí yí ọmọ náà ká, ó so okùn mọ́ òkè ọrùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí màlúù bá fipá tì í, òun àti àwọn tó wà níbẹ̀ á fà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bó bá sinmi, wọ́n á sinmi. Nígbà tí ìbàdí yọ, Rewájú kígbe.

“Ẹ má dúró mọ́! Ìwọ́ rẹ̀ ti há, orí rẹ̀ ṣì wà nínú omi!”

Wọ́n fà á jáde. Abo ni. Ó nu imú rẹ̀, ó ki koríko bọ̀ ọ́, ó fi àpò gbígbẹ ra á láyà. Ọkàn ọmọ náà lù lábẹ́ ìka Rewájú, ó lù díẹ̀ sí i, ó sì dákẹ́. Rewájú ń ra á lọ síbẹ̀, títí Mákánjú fi dì í lọ́wọ́ mú.

Ó tún yẹ inú ìyá wò: kò sí ọmọ mìíràn níbẹ̀, inú náà kò sì ya. Màlúù náà mu omi, ó sì ń lá òkú ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ni Rewájú kò lè wò.

Ìyá Suwebat wọlé, ó mú ègé ọṣẹ kan jáde, tínrín, tó fi ewé pọ́n. “Ẹ fi wẹ ọwọ́ yín, dókítà. Ẹ ṣeun.” Ó yíjú sí atukọ̀. “Ìwọ lo pa á! Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti rán ẹ. Orúkọ ẹ ló ń rò ẹ́.”

Mákánjú tẹrí ba.

“Kì í ṣe òun, Ìyá,” ni Rewájú wí. “Ó tètè dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mo jókòó sílé.”

“Kí lẹ ń ṣe?”

Ó wo ègé ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Mi ò ní ọṣẹ.”

Ìyá Suwebat wo ìgò àdí. Ó wo ọmọ màlúù nílẹ̀. Ó sì na ọwọ́, ó gba ọṣẹ rẹ̀ padà.