Orúkọ Tó Fọkàn Ẹni Balẹ̀

Ọ̀gá mi, tó ń kọ́lé tà, ní kí n wá orúkọ fún ẹ́sítéètì wa tí a kò tíì kọ́ tán. Mo ní “Odi Ààbò.”

“Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n la fẹ́ tà ni? Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ odi, wọ́n á béèrè ohun tó ń lé wa.”

“Kí ló ń lé wa, sà?”

Ó yíjú. Ó ní àwọn olè kan ti gba ẹ̀yìn wọlé níbi tí a kò tíì ṣe fẹ́ǹsì. Wọ́n lu ọlọ́dẹ tí wọ́n bá níbẹ̀; ó wà lọ́sibítù, kò tíì jí.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

Bí a ṣe sọ ọ́ ní “Òkè Ìmọ́lẹ̀” nìyẹn, a sì ya ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ sára pátákó ìpolówó.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi obìnrin pè mí níbi iṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rílé ní Òkè Ìmọ́lẹ̀ yín! Orúkọ yẹn nìkan ti fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo mú, níbi tí kò sí fẹ́ǹsì tó máa dínà atẹ́gùn. Ṣé kí n sanwó?”

Ọ̀gá mi jókòó síwájú mi, ó ń wò mí lẹ́nu.